Ogójì Sẹ́kọ́ndì Tó Kù

Ẹ má bínú pé màá máa pe ọkọ mi ní "ó" nínú ìtàn yìí. Lójú rẹ̀, "ẹ" ni mo máa ń lò, kódà tí mo bá ń bá a jà. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ yìí gùn, ẹ̀rù inú rẹ̀ sì pọ̀, mi ò lè máa wá ọ̀wọ̀ kún un.

Aláago ni gbogbo àdúgbò ń pè é. Ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n ló ti ń tún aago ṣe nínú yàrá kan tó wà lókè ilé ìtàwé, òun, tábìlì rẹ̀, iná kékeré kan àti gíláàsì tó máa ń há mọ́ ojú ọ̀tún. Iṣẹ́ ìjókòó ni. Láàárọ̀ ó jókòó, lọ́sàn-án ó jókòó, tó bá délé ó tún jókòó láti sinmi ìjókòó tó ti jókòó. Kò sì fẹ́ràn ọ̀rọ̀. Èmi, tíṣà kíláàsì kẹta ni mí, ẹnu ni mo fi ń jẹun. Nítorí náà, èmi ni mo ń sọ ọ̀rọ̀ àwa méjèèjì.

Méjìdínlógún ni àtẹ̀gùn tó lọ sí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Lọ́jọ́ kan mo gbé oúnjẹ lọ fún un, mo bá a lórí èyí kẹsàn-án, ó di ògiri mú, ó ń mí bí ẹni tó gbé àpò sìmẹ́ǹtì. Ó ní òun ń wo nǹkan kan ni. Kí ló ń wò lára ògiri? Àyà mi já. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin sanra bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́, ó sì ń mí bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́, títí ó fi gbé orí lé tábìlì lọ́jọ́ kan tó ń mu tíì tí kò sì gbé e sókè mọ́. Ẹni ọdún márùndínlọ́gọ́ta ni. Tèmi yìí ti pé mẹ́tàléláàádọ́ta. Láti ọjọ́ tí a ti sin ẹ̀gbọ́n náà ni mo ti ń ka ọdún, tí mi ò sì sọ fún ẹnikẹ́ni pé mò ń kà á.

Mo wọ́ ọ lọ sí ilé ìwòsàn. Orí ìwọ̀n sọ kíló márùnlélọ́gọ́rùn-ún. Ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ga díẹ̀, ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ kò tíì burú. Wọ́n lẹ wáyà mọ́ ọn láyà lórí ìbùsùn, dókítà ní ọkàn ń lù dáadáa, ó kọ oògùn ìfúnpá fún un, ó sì ní kó lọ rí nọ́ọ̀sì tó ń bójú tó àwọn tó sanra bíi tirẹ̀.

Obìnrin kúkurú kan ni nọ́ọ̀sì náà, kì í rẹ́rìn-ín lásán. Ó ní, "Bàbá, ohun tí wáyà yẹn rí ni ọkàn tó dùbúlẹ̀. Kò tíì rí i níbi tó ti ń ṣiṣẹ́. Tí ẹ bá ń rìn tàbí tí ẹ̀ ń sáré, tí àyà yín fún, tàbí tó wúwo, tí ó ń ro yín lọ sí apá tàbí sí àgbọ̀n, tàbí tí òòyì kọ́ yín, ẹ dúró lójú ẹsẹ̀. Ẹ má ní kò ṣe nǹkan. Ṣé ẹ gbọ́?"

Ọkọ mi ní òun gbọ́.

Nọ́ọ̀sì wá ṣàlàyé bí a ó ṣe bẹ̀rẹ̀. Ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́, ìrìn nìkan, ìdajì wákàtí. Lẹ́yìn ìyẹn, ìrìn ìṣẹ́jú márùn-ún kí ara lè gbóná, kó wá sáré jẹ́jẹ́ fún ìṣẹ́jú kan, kó rìn fún méjì, kó tún sáré fún ẹyọ kan, kó rìn fún méjì, lọ́nà méje. Kó tún wá rìn márùn-ún ní ìparí, kí ọkàn lè rọra balẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀, kó sì jẹ́ kí ọjọ́ kan ṣófo láàárín. Ọ̀sẹ̀ tó bá le, kó tún un ṣe, kò sí ẹni tó ń lé e.

"Báwo ni mo ṣe máa mọ̀ tí mo bá ń sáré jù?" Aláago ló béèrè bẹ́ẹ̀. Ó yà mí lẹ́nu pé ó lanu.

"Ẹ jẹ́ kí ìyàwó yín máa bá yín sọ̀rọ̀. Tí ẹ bá lè dá a lóhùn ní gbólóhùn kan tó pé, eré yẹn dára. Tí ẹ kò bá lè dáhùn, ẹ rìn. Bí aago bá sọ pé kò tíì tó, èémí yín ni ọ̀gá, aago ò mọ̀ yín rí."

Aago ò mọ̀ yín rí! Mo rí i lójú ọkọ mi pé ọ̀rọ̀ yẹn dùn ún. Ẹni tó jẹ́ pé aago ló fi fẹ́ mi, tó fi tọ́ ọmọ wa, tó fi kọ́lé.

Ibi tí a ti ń ṣe é ni pápá ilé ẹ̀kọ́ wa, láago mẹ́fà àárọ̀ kí àwọn ọmọ tó dé. Koríko ni, ilẹ̀ rẹ̀ tẹ́jú. Ọlọ́dẹ ló máa ń ṣí géètì fún wa, ó sì máa ń jókòó wò wá bí ẹni ń wo bọ́ọ̀lù. A ra bàtà gidi fún Aláago, èyí tí àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ nípọn. Èmi náà wọ kánfáàsì ẹsẹ̀ mi, mo fi fèrè tí mo fi ń kó ọmọ wọ kíláàsì kọ́ ọrùn. Tí ìrìn bá pé, màá ní "Ó yá!" Yóò bẹ̀rẹ̀ sí í sáré. Tí eré bá pé, màá fọn fèrè.

Ìyẹn ni pé ó yẹ kó jẹ́ èmi ni mo máa mọ ìgbà tó pé. Ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ kì í kúrò lára aago ọwọ́ òsì rẹ̀. Tí mo bá fọn fèrè nígbà tó ku sẹ́kọ́ndì méjì, yóò sá sẹ́kọ́ndì méjì yẹn tán kó tó rìn, yóò sì wò mí bí ẹni tó fẹ́ rẹ́ òun jẹ.

Ìṣẹ́jú kan àkọ́kọ́ yẹn, ẹ̀rù bà mí ju òun alára lọ. Ikùn ń lọ sókè, ó ń bọ̀ nílẹ̀, òógùn ń kán, èmi ń sáré lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, mò ń wo ẹnu rẹ̀ bóyá yóò dúdú.

"Ta ló jẹ búrẹ́dì tó ṣẹ́kù lánàá?" mo béèrè. Ìdánwò tí nọ́ọ̀sì ní ká máa ṣe nìyẹn.

"Èmi… kọ́… ni."

"Ìyẹn kì í ṣe gbólóhùn, ẹ̀ ń já a sí wẹ́wẹ́. Ẹ dín in kù! Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sáré bí ẹni tí kò fẹ́ débẹ̀."

Ó dín in kù. Ó wá ń sáré débi pé ọlọ́dẹ tó ń rìn lọ tan iná fẹ́rẹ̀ẹ́ kọjá rẹ̀. "Bàbá, ṣé eré nìyẹn àbí àdúrà?" ni ọlọ́dẹ sọ. Mo ní kó gbẹ́nu dákẹ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo tún béèrè búrẹ́dì, ọkọ mi dáhùn láìsinmi pé, "Èmi ni mo jẹ ẹ́, àti bọ́tà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀." Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn láti oṣù mélòó kan tí ẹ̀rù fi mí sílẹ̀ díẹ̀.

Ní ọ̀sẹ̀ kẹrin ó fi ọgbọ́n orí rẹ̀ kún un. Ó ní tí ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀ bá dára, ẹ̀ẹ̀mẹfà á dára ní ìlọ́po méjì. Kò sọ fún mi, ó ń lọ sáré láwọn ọjọ́ tó yẹ kó sinmi. Láàárín ọjọ́ mẹ́sàn-án, ojúgun rẹ̀ méjèèjì ń dùn ún débi pé kò lè fọwọ́ kàn wọ́n. Nọ́ọ̀sì bá a wí bí ọmọ. Ó ní èémí máa ń tètè kọ́ṣẹ́, ṣùgbọ́n egungun àti iṣan ẹsẹ̀ kì í yára bẹ́ẹ̀, ọjọ́ ìsinmi gan-an ni wọ́n fi ń le. Ó dá wa padà sí ìrìn fún ọ̀sẹ̀ kan, ó ní ká tún wá bẹ̀rẹ̀ láti ìṣẹ́jú kan. Díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. A tún un ṣe. Ìṣẹ́jú kan di ìṣẹ́jú kan ààbọ̀, ó di méjì, ọ̀sẹ̀ méjì méjì ká tó fi kún un. Nígbà tí a máa fi dé ìṣẹ́jú mẹ́ta, kíló márùn-ún ti lọ, ó sì ń gun àtẹ̀gùn méjìdínlógún yẹn láì di ògiri mú. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í sùn dáadáa.

Ẹnu mi ló bà á jẹ́. Mo ti ní ẹnu ni mo fi ń jẹun, òun náà ló fẹ́ fi mí ṣe opó.

Inú mi dùn, mo bá sọ ọ́ ní yàrá àwọn tíṣà. Mo ní ọkọ mi wúwo tó kíló márùnlélọ́gọ́rùn-ún tẹ́lẹ̀, ó ti di ọgọ́rùn-ún geere. Ọ̀kan nínú àwọn tíṣà náà gbé aago lọ sí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, bó ṣe débẹ̀ ló ní, "Ẹ kú oríire kíló márùn-ún o, sà." Ọkọ mi délé lọ́sàn-án ọjọ́ náà, ó wò mí, ó ní, "Tíṣà, o ò bá kúkú kọ ìwọ̀n mi sára bọ́ọ̀dù." Láti ìgbà yẹn, kò sọ̀rọ̀ mọ́. Bó ṣe máa ń bínú nìyẹn. Èmi ń pariwo, òun ń dákẹ́. Ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n la ti jọ wà, mo sì mọ ìdákẹ́jẹ́ẹ́ rẹ̀ bí mo ṣe mọ ojú ara mi. Àbí kí n ní mo rò pé mo mọ̀ ọ́n.

Lọ́jọ́ kejì a lọ sí pápá. Kò bá mi sọ̀rọ̀ lọ́nà. A rìn, mo ní "Ó yá," ó sáré ìṣẹ́jú mẹ́ta, ó rìn. Mo ní "Ó yá" ẹlẹ́ẹ̀kejì.

"Ṣé ẹ ti mu oògùn yín?"

Kò dáhùn.

"Ẹ̀yin lẹ̀ ń bínú, ẹ̀yin lẹ mọ̀. Oògùn ni mò ń béèrè."

Kò dáhùn. Ó ń wo aago. Inú bí èmi náà. Mo ní lọ́kàn mi pé, ẹ wo àgbà ọkùnrin bó ṣe ń ṣe bí ọmọ kíláàsì kẹta. Ọmọ tó bá yarí fún mi ní kíláàsì, n kì í bẹ̀ ẹ́, mo máa ń kọ ẹ̀yìn sí i ni. Mo bá kọ ẹ̀yìn sí ọkọ mi. Mo yára díẹ̀, mo lọ síwájú rẹ̀. Ẹni tí kò lè dáhùn, kó rìn, ìyẹn ni òfin, èmi ni mo sì ń ṣọ́ òfin náà. Mo gbàgbé òfin náà pátápátá. Ìbínú gbà á lọ́wọ́ mi.

Ohùn ọlọ́dẹ ni mo kọ́kọ́ gbọ́. "Mà! Mà! Bàbá!"

Mo yíjú padà. Ó ti kúnlẹ̀ sórí koríko. Ó tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ ọ̀tún sí àárín àyà, ó tẹ̀ ẹ́ mọ́bẹ̀ bí ẹni tí ń ti ilẹ̀kùn. Ojú rẹ̀ rí bí eérú. Ó sì tún ń wo aago.

Yéè, mo gbé! Mi ò mọ bí mo ṣe dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Mo ṣáà ń sọ pé, "Ẹ dá mi lóhùn, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dá mi lóhùn." Ó la ẹnu, ó ní, "Ogójì… sẹ́kọ́ndì… ló kù." Mo kígbe mọ́ ọn pé aago ya wèrè. Ó fẹ́ dìde kó rìn lọ sí géètì, mo fi gbogbo ara tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, mo fi í jókòó ti ọ̀pá gọ́ọ̀lù. Ọlọ́dẹ ti ń pe ọkọ̀ ilé ìwòsàn. Ẹni tó gbé fóònù ní kí n má jẹ́ kó gbé ẹsẹ̀ kan, kí n tú bọ́tìnnì rẹ̀, kí n má kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ibo ni mo fẹ́ lọ? Mo di ọwọ́ rẹ̀ mú, ó tutù. Mo ń rí ojú ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lójú rẹ̀. Mo ń ka ọdún sókè báyìí, láìtijú: mẹ́tàléláàádọ́ta, mẹ́tàléláàádọ́ta, kò tíì tó, Ọlọ́run mi, kò tíì tó.

Ní ilé ìwòsàn, nọ́ọ̀sì kan bọ́ aago kúrò lọ́wọ́ rẹ̀, ó fi í sínú ọ̀rá kékeré, ó fún mi. Wọ́n tì í wọlé. Mo jókòó sórí bẹ́ǹṣì pẹ̀lú fèrè lọ́rùn mi. Aago yẹn ń dún nínú ọ̀rá, kò mọ̀ pé nǹkan kan ṣẹlẹ̀.

Dókítà ní ọ̀kan nínú àwọn iṣan tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ fún ọkàn ló ti dí, ibi tó ṣẹ́kù kò ju ojú abẹ́rẹ́ lọ. Wọ́n gba ọrùn ọwọ́ rẹ̀ wọlé, wọ́n fi túùbù kékeré kan ti ojú iṣan náà ṣí. Ó ní a dé lákòókò, ọkàn kò tíì bàjẹ́. Mo sunkún, mo ní èmi ni mo pa á, èmi ni mo mú un sáré. Dókítà ní, "Rárá, mà. Eré kọ́ ló fi í síbẹ̀. Ó ti wà níbẹ̀ fún ọdún púpọ̀. Eré ló fi hàn wá, kó tó fi ara rẹ̀ hàn lórí tábìlì oúnjẹ." Ó kàn sọ ọ́ ni, kò mọ̀ nípa tíì ẹ̀gbọ́n ọkọ mi.

Ọjọ́ kẹta ni Aláago jẹ́wọ́. Ó ní ó ti tó ọ̀sẹ̀ méjì tí àyà òun ti ń wúwo ní ìparí eré, tí òun bá wá rìn, á lọ. Òun kò sọ, nítorí aago sọ pé ìṣẹ́jú òun kò tíì pé. Lọ́jọ́ yẹn, òun fẹ́ dá mi lóhùn lórí ọ̀rọ̀ oògùn, èémí kò gbà. "Mi ò bínú mọ́ lásìkò yẹn, Tíṣà. Mo ń pè ọ́ nínú mi."

Ẹ gbà mí. Ó ń pè mí, mo kọ ẹ̀yìn sí i.

Bọ́mọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Bágbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Ẹ̀yìn nìkan ni mo ń wò. Nígbà tó dé ilé, mo gbé bàtà eré rẹ̀ lọ tì sínú kọ́bọ́ọ̀dù kíláàsì mi, lábẹ́ àwọn ìwé ìṣirò, mo fi kọ́kọ́rọ́ tì í. Mo ní ká máa jókòó, ká máa jẹun díẹ̀, ká máa gbàdúrà. Tó bá gbéra láti bu omi, màá ti dìde. Ó lọ sí ilé ìwòsàn fún ìrìn tí wọ́n ń ṣọ́, pẹ̀lú wáyà láyà, ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ, mo sì ń jókòó síta níbẹ̀ bí ẹni tó ń dúró de ìdájọ́.

Nígbà tí ìyẹn parí, dókítà wo ọkàn níbi tó ti ń ṣiṣẹ́ wàyí, ó ní ó lè padà sí eré, jẹ́jẹ́. Mo ní kò lè ṣẹlẹ̀. Nọ́ọ̀sì kúkurú yẹn wò mí. "Mà, ẹ̀rù yín ni ẹ fẹ́ fi so wọ́n mọ́ àga. Àga yẹn la sì ń gbà wọ́n lọ́wọ́ rẹ̀." Mo lọ ṣí kọ́bọ́ọ̀dù.

Ọgbọ̀n sẹ́kọ́ndì eré, ìṣẹ́jú méjì ààbọ̀ ìrìn, lọ́nà mẹ́rin péré. Kò tó ìdajì ibi tí a ti bẹ̀rẹ̀ rí. Ní pápá, ọlọ́dẹ ṣí géètì, kò fi wá ṣeré lọ́jọ́ náà. A rìn ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ọwọ́ òsì ọkọ mi ṣófo, kò béèrè aago rẹ̀ láti ọjọ́ ilé ìwòsàn, ọwọ́ mi ló wà. Ìrìn pé. Mo la ẹnu kí n sọ "Ó yá," kò jáde. Mo ń wo ibi tó ti kúnlẹ̀, koríko ti hù bò ó.

Ó dúró, ó ń wo ẹnu mi. "Tíṣà, àyà mi ò fún. Apá ò ro mí, òòyì ò kọ́ mi. Mo ti mu oògùn mi láàárọ̀ yìí, pẹ̀lú omi ife kan. Tí nǹkan kan bá ṣe mí, màá sọ ọ́, bí inú bá tilẹ̀ ń bí mi sí ọ." Ọ̀rọ̀ ọ̀sẹ̀ méjì ló sọ lẹ́ẹ̀kan náà yẹn.

"Ó yá," mo ní.

Ó bẹ̀rẹ̀. Èmi náà bẹ̀rẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, mi ò jẹ́ kí ìgbésẹ̀ kan wà láàárín wa. Mo bi í pé kí la máa jẹ lọ́sàn-án, ó ní ẹ̀wà. Mo bi í pé ta ló máa sè é, ó ní òun ni, torí èmi a máa fi iyọ̀ ba nǹkan jẹ́. Ó wá dúró fúnra rẹ̀, ó ń rìn.

Ọkàn mi fò sókè. "Kí ló dé? Kí ló ṣe yín?"

"Kò sí nǹkan kan. Ó kàn tó mi ni."

Mo wo aago ọwọ́ mi. Sẹ́kọ́ndì mẹ́wàá ló kù. Mo fọn fèrè, mo di ọwọ́ rẹ̀ mú, a sì ń rìn lọ.